Káàdì ìdámọ̀ iṣẹ́ ọnà mẹ́rìnlélógún: ohun tí a kọ́kọ́ ṣì, àti bí a ṣe tún un tẹ̀

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni káàdì 24 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Kàbà tó ń múra ìdánwò ìtàn iṣẹ́ ọnà. Sílaìdì ni wọ́n ń wò lára ògiri tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iná kì í dúró, ẹni tó bá sì jókòó lẹ́yìn kì í rí nǹkan kan ju òjìji lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ sílaìdì náà di káàdì àfọwọ́mú. Iwájú káàdì, àwòrán nìkan. Ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ iṣẹ́ náà, ìgbà tí wọ́n ṣe é, àṣà tó ti jáde wá, àmì tí ojú lè rí, àti káàdì mìíràn tí a ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi wé e. Nọ́ọ̀kì kó 4, Igbó-Úkwú 3, Ifẹ̀ 5, Bìní 6, àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ 2, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ 2, aṣọ 2.

Ìtẹ̀ kìíní

Ìtẹ̀ kìíní dùn ún wò, kò sì wúlò. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pe orúkọ gbogbo káàdì láìṣì ọ̀kan. Àmọ́ nígbà tí a mú fọ́tò mìíràn jáde, tí wọ́n ya orí kan náà láti ẹ̀gbẹ́, ẹnu wọn wọhò. Wọn ò kọ́ orí náà rárá, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́. Fọ́tò Bìní tí a lò ní ilẹ̀ eérú tó ń ṣókùnkùn bọ̀ nísàlẹ̀, ti Ifẹ̀ ní ilẹ̀ dúdú kirikiri, irin tí wọ́n fi gbé ọ̀kan nínú ti Nọ́ọ̀kì dúró sì yọ síta lábẹ́ ọrùn. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé eérú ni Bìní, kò ní wo ojú ère náà mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a gé ilẹ̀ ẹ̀yìn kúrò lára gbogbo fọ́tò, kí a sì fi gbogbo wọn lé ilẹ̀ funfun tó rọ̀ díẹ̀, àwọ̀ kan náà fún 24. Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ níbẹ̀: ẹ má ṣe gé òjìji tó wà lábẹ́ àgbọ̀n àti lábẹ́ ètè. Òjìji yẹn ló ń fi hàn pé ojú náà yọ jáde tàbí ó tẹ́. Nígbà tí a gé e mọ́ ọn lára káàdì méjì, orí Ifẹ̀ tẹ́ bí àwo.

Ohun kejì ni ojú ibi tí wọ́n ti yà á. Bí a bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi káàdì méjì wéra, kí àwọn fọ́tò méjèèjì kọjú síbì kan náà. Ẹ ò lè ní kí wọ́n wo kọ́là lọ́rùn orí Bìní tí wọ́n yà láti iwájú, kí ẹ wá gbé orí Ifẹ̀ tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ tì í. Fọ́tò tó ṣeé lò láìgbàṣẹ pọ̀ lórí ojú ewé mùsíọ̀mù ńlá Mẹtirópólítàn ní Níú Yọ́ọ̀kì, níbi tí a bá ti rí i tí wọ́n kọ "Open Access" sí i. Àwọn mùsíọ̀mù yòókù ní òfin tiwọn, ó sì yẹ kí a kà á kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ìwọ̀n: irọ́ tí sílaìdì máa ń pa

Gbogbo nǹkan ló ga bákan náà lórí sílaìdì. Ẹ̀gbà ọrùn àti ilẹ̀kùn ààfin a jọ ga dé òrùlé. Káàdì náà á pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ bí a kò bá fi ìlà ìwọ̀n sí i. A pinnu pé gbogbo àwòrán orí àti ère yóò ga ní sẹ̀ǹtímítà 9 lórí káàdì, a sì fa ìlà dúdú kan sí ìsàlẹ̀ tó dúró fún sẹ̀ǹtímítà 10 ní ti òótọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ pín 9 sí gíga iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀.

Orí Ifẹ̀ tó wà ní mùsíọ̀mù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ga ní sẹ̀ǹtímítà 35. Ìlà tirẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.6. Ère bàbà tó jókòó, tí wọ́n rí ní Tádà létí Odò Ọya, ga ní 53.7, ìlà rẹ̀ sì kúrú sí 1.7. Ojú Ìdíà, ìyá ọba Bìní, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, èyí tó wà ní Níú Yọ́ọ̀kì, kò ju 23.8 lọ, nítorí náà ìlà rẹ̀ gùn tó 3.8. Bí ìlà bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà ṣe kéré tó. Ó máa ń ru àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà a kọ "10 sm" sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìdíà ló sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu jù, torí pé láti ọdún 1977 tí wọ́n ti fi èkejì rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àmì àjọ̀dún ńlá tó wáyé ní Èkó, ńlá ni gbogbo ènìyàn ń rí i, lára ògiri, lára aṣọ. Ohun tó ṣeé gbé rọ̀ mọ́ ìbàdí ni.

Ẹ̀yìn káàdì

Ibí ni iṣẹ́ náà wà. Ní ìtẹ̀ kìíní, ìlà àmì lára orí Ifẹ̀ kà báyìí: "ó jọ ènìyàn gidi, ó rẹwà, ó ní iyì ọba." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Orí Bìní ìgbà àkọ́kọ́ náà jọ ènìyàn gidi. Ère Tádà jọ ènìyàn gidi jù ú lọ pàápàá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "ó jọ ènìyàn gidi" sínú ìdánwò, ó ti kọ ohun tó bá iṣẹ́ mẹ́ta mu.

Òfin tí a wá fi lé e kò ju ọ̀kan lọ: bí o bá lè fi ìka kan ibi tí àmì náà wà lórí àwòrán, kọ ọ́, bí o kò bá lè fi ìka kàn án, kò gbọdọ̀ sí ní ìlà àmì. Àmì mẹ́ta, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ojú kò lè rí, irú bí bí idẹ náà ṣe nípọn tó tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe é, a fi sí ìlà mìíràn tó sọ pé "àwòrán kò lè fi èyí hàn".

Ẹ wo káàdì Ifẹ̀ náà lẹ́yìn àtúnṣe:

Orí ọba tó dé adé, Ifẹ̀. Ọ̀rúndún 12 sí 15. Wọ́n wú u jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Àmì: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sọ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, tí kò kan ètè, ìpéǹpéjú òkè tó gun orí ti ìsàlẹ̀ ní igun ojú, ọrùn gbọọrọ tó ṣí sílẹ̀. Àwòrán kò lè fi hàn: idẹ ni. Fi wé: káàdì M, wo ọrùn.

Káàdì M ni orí Bìní ti ọ̀rúndún 19. Bí a bá gbé méjèèjì kalẹ̀, tí a sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ọrùn nìkan, kò lè ṣì wọ́n. Ti Ifẹ̀, ọrùn wà níta, ènìyàn lè ka àwọn ìlà ara rẹ̀. Ti Bìní, iyùn ti bo ọrùn látòkè délẹ̀, ó sì gun àgbọ̀n títí tó fi kan ètè ìsàlẹ̀. Ohun méjì bí ìyẹ́ yọ sókè lára adé, pẹpẹ yíká sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ya ẹranko sí. Ihò tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n máa ń ki eyín erin gbígbẹ́ bọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìlà ìfiwéra kò kọ "ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín wọn". Ibi kan ṣoṣo ló ní kí ojú lọ. Nígbà tí ìfiwéra bá sọ ọrùn, ojú, adé àti ìpìlẹ̀ pa pọ̀, ojú a máa rìn kiri lórí káàdì náà, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní rí èyí tó mú lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n káàdì méjì yẹn nìkan á kọ́ wọn ní èké. Wọ́n á sọ pé, ọrùn ṣí sílẹ̀, Ifẹ̀ ni. Ọrùn bò, Bìní ni. Ó dájú pé olùdánwò yóò gbé orí Bìní ti ọ̀rúndún 16 jáde, tí kọ́là rẹ̀ kúrú, tí kò sì dé àgbọ̀n, kí gbogbo wọn kọ Ifẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà a fi káàdì kẹta kún un, tí a ń pè ní pàkúté. Orí Bìní ìgbà àkọ́kọ́ ni. Lórí èyí, ọrùn kò tó láti fi dá a mọ̀, ojú ni kí wọ́n wò: wọ́n fi irin há ẹyin ojú, ojú náà sì là gbangba, kò ní ìpéǹpéjú tó gun ara wọn bíi ti Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe àwọn mẹ́ta yìí pa pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kì í ṣì í mọ́. Ọ̀rọ̀ kan kù: ìlà "àwòrán kò lè fi èyí hàn" lára àwọn orí Bìní sọ pé ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, ti ìkẹyìn nípọn, ó sì wúwo. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń to ìgbà wọn lẹ́sẹẹsẹ nìyẹn ní apá kan, nítorí náà ẹ kọ "ní nǹkan bí" síwájú ọ̀rúndún rẹ̀.

Idẹ, bàbà, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kó bá wa

Ìwé ìdánwò máa ń pe gbogbo wọn ní "bronze". Orúkọ lásán ni, kò sọ ohun tó wà nínú irin náà. Èdè wa sàn jù níbí, torí pé a ti ní idẹ lọ́tọ̀, a sì ní bàbà lọ́tọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú orí Ifẹ̀ àti ti Bìní jẹ́ idẹ, ìyẹn bàbà tí wọ́n po irin mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ojú Ọbalùfọ̀n ní Ifẹ̀ àti ère tó jókòó ní Tádà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ ohun tó mú kí ìyẹn ṣe pàtàkì: bàbà pọ́ńbélé ṣòro dà ju idẹ lọ, iná tó ń fẹ́ pọ̀, kì í sì í ṣàn dáadáa wọ inú mọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá rí i dà bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. A kọ "bàbà" sára káàdì méjì yẹn, "idẹ" sára àwọn yòókù, a sì kọ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ìbéèrè bá lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ohun kan náà ló ń tọ́ka sí.

Igbó-Úkwú kò gbà wá lásìkò. Ohun èlò rẹ̀ kún fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́ lójú, kòkòrò kéékèèké, ìkarahun, okùn tí wọ́n fi idẹ ṣe bí ẹni pé okùn gidi ni, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní Ifẹ̀. Ọ̀rúndún 9 la kọ síbẹ̀.

Àwọ̀ kì í ṣe àmì

Pírńtà ló kọ́kọ́ fi èyí hàn wá. Amọ̀ Nọ́ọ̀kì pupa bí ilẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ó sì jáde ní àwọ̀ ẹran tútù lórí bébà, torí pé ọ̀kan nínú àwọn tàdáwà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá ti kọ́ Nọ́ọ̀kì nípa àwọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni idẹ: iná fọ́tò kan á sọ ọ́ di wúrà, òmíràn á sọ ọ́ di ewé. A pa ọ̀rọ̀ àwọ̀ rẹ́ kúrò lẹ́yìn gbogbo káàdì.

Káàdì aṣọ méjèèjì ló fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ jù, ó sì tún jẹ́ èyí tó sún mọ́ ilé. Ọ̀kan ni aṣọ ipò ti Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà tó ṣe pàtàkì, tí egúngún náà sì ń gbé wọ̀. Èkejì ni àlàárì. Méjèèjì pupa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "aṣọ òkè pupa" kò tíì sọ nǹkan kan. Ojú rírán ni kí wọ́n wò. Àlàárì jáde láti ọwọ́ ọkùnrin, lórí òfì tóóró, nítorí náà ó jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán mọ́ra. Ẹ óò rí ojú abẹ́rẹ́ léraléra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì. Aṣọ ipò jáde láti ọwọ́ obìnrin, lórí òfì àdúró, tó fẹ̀. Ẹ óò rí pátákó aṣọ fífẹ̀ kan, tó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kí ẹ tó kan ojú rírán. Ìlà ìfiwéra kà pé: "ka ojú rírán, má ka àwọ̀."

Ìlà "àwòrán kò lè fi èyí hàn" lára aṣọ ipò ni àwọn àgbà Bùnú máa ń gbádùn jù: òwú pupa tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá láti inú búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ilé ìwòsàn tí wọ́n tú sílẹ̀ ní fọ́nrán fọ́nrán. Ti àlàárì, sẹ́dà pupa tó gba aṣálẹ̀ kọjá wá ni. Òwú méjèèjì ti òkèèrè wá, ọ̀nà wọn ló yàtọ̀. Ẹ ya fọ́tò aṣọ náà láti ibi tó súnmọ́, kí pátákó kan ó kéré tán àti ojú rírán méjì wà nínú àwòrán. Fọ́tò tí wọ́n ti ró aṣọ náà mọ́ ènìyàn lára kò dára, ìṣẹ́po á bo ojú rírán mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀kùn méjì náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́, tó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, yọ jáde tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi kúrò lára pákó. Ti Aréògún ará Ọ̀sì tẹ́, wọ́n sì pín in sí ìpele ìpele. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú wá, méjèèjì á dà bí ọ̀kan.

Ìgbà Nọ́ọ̀kì

Ọ̀pọ̀ ìwé ilé ìwé ṣì ń kọ 500 ṣáájú ìbí Krístì sí 200 lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ti tì í sẹ́yìn jìnnà, àṣà náà ti wà láti nǹkan bí 1500 ṣáájú ìbí Krístì. A kọ méjèèjì, èyí tuntun lókè, ti ìwé ìdánwò nísàlẹ̀, torí pé olùdánwò lè máa fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe máàkì. Àmì rẹ̀ kò yí padà: ojú onígun mẹ́ta tàbí ìlàjì òṣùpá, ihò nínú ẹyin ojú, ihò imú, ihò ẹnu. Orí Jẹ́màá, tó ti dúró lóko iṣu gẹ́gẹ́ bí aṣọ́ko kí ó tó dé ọwọ́ àwọn awalẹ̀ ní 1943, ni a fi ṣe káàdì àkọ́kọ́ rẹ̀.

Títẹ̀ àti ìpààrọ̀ ẹ̀yìn

Káàdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 100 ní ìbú, 140 ní gíga. Mẹ́rin wọ inú bébà A4 kan, ààyè sì kù létí, torí pé pírńtà kì í tẹ̀ dé etí bébà. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ tó 1181 ní 1654 píkísẹ̀lì kó má baà ṣú. Bébà líle 250 giráàmù ló dára. 300 á há sínú pírńtà kékeré. Bébà 6 ló gbé gbogbo 24.

Àṣìṣe tó jẹ wá ní bébà jù ni ti ẹ̀yìn. Ilé ìtẹ̀wé kan bá wa tẹ ẹ̀yìn ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan náà pẹ̀lú iwájú. Bí bébà bá yí padà lórí etí rẹ̀ tó gùn, ọ̀tún á di òsì. Káàdì Ifẹ̀ wá gbé ẹ̀yìn Bìní, ti Bìní gbé ti Ifẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí a fi gé gbogbo rẹ̀ tán. Bí ó ṣe yẹ kí ojú ewé méjèèjì rí nìyí, tí a bá yan "Flip on long edge":

```
Iwájú    K  M
         R  T

Ẹ̀yìn     M  K
         T  R
```

Ẹ tẹ bébà kan péré lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ gbé e sókè sí oòrùn, kí ẹ wò ó bóyá lẹ́tà iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ara wọn mu kí ẹ tó tẹ márùn-ún yòókù. Lẹ́tà ni a lò, kì í ṣe nọ́ńbà, a sì dà wọ́n rú. Nígbà tí a fi nọ́ńbà to Nọ́ọ̀kì sí 1 dé 4, nọ́ńbà ni wọ́n kọ́.

Lámínéètì ló kẹ́yìn. Ẹ gé káàdì kí ẹ tó fi sínú ọ̀rá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí etí ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ra kù ní mílímítà 3 yíká. Etí yẹn ló ń dí omi. Ní ìtẹ̀ kìíní, wọ́n fi ọ̀rá bo odidi A4, wọ́n wá gé e sí mẹ́rin, etí ń ṣí lójoojúmọ́, eruku ọyẹ́ sì wọlé sáàárín. Ọ̀rá tó ń dán máa ń tan mọ́ni lójú lábẹ́ iná, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú orí Ifẹ̀ á sì pòórá. Èyí tí kì í dán ni kí ẹ bèèrè. Bí ó bá jẹ́ pírńtà onítàdáwà omi ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kí káàdì sùn mọ́jú kí ó tó wọ ẹ̀rọ. Nígbà òjò, ẹ fi ọjọ́ kan kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin inú bébà á sọ ojú ọ̀rá di bí ìkùukùu, kò sì sí àtúnṣe fún ìyẹn ju kí a tẹ òmíràn lọ. Káàdì tí a tún tẹ̀ títí di báyìí jẹ́ méjì: pàkúté Bìní, tí òjìji àgbọ̀n rẹ̀ ti gé kúrò, àti aṣọ ipò, tí ojú rírán rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú fọ́tò àkọ́kọ́.